Ìwé àlàyé oògùn fún aláìsàn: ibo ni àtúnṣe olóòtú parí sí, ibo ni ìbéèrè sí apòògùn ti bẹ̀rẹ̀?

Olóòtú Adó

Mo kí gbogbo yín. Iṣẹ́ àtúnkà ìwé ni mo ń ṣe níhìn-ín ní Adó-Èkìtì, èdè Yorùbá ni mo sì kọ́ nílé ẹ̀kọ́, kì í ṣe ìmọ̀ oògùn. Ilé ìwòsàn kan tí n kò ní dárúkọ gbé àkọsílẹ̀ ojú ewé kan fún mi, èyí tí wọ́n fẹ́ máa fi lé àwọn tí làkúrègbé ń dà láàmú lọ́wọ́ nígbà tí wọ́n bá gba oògùn. Wọ́n ní kí n tún àṣìkọ orúkọ oògùn ṣe, kí n jẹ́ kí ìwọ̀n oògùn wà ní ìlànà kan ṣoṣo, kí n sì tú àwọn ìgékúrú ọ̀rọ̀ sí ohun tí ìyá àgbà lè kà fúnra rẹ̀, ṣùgbọ́n kí n má fọwọ́ kan ìtumọ̀ ìtọ́jú náà rárá. Ìlà mẹ́rin tí ó há mi lọ́wọ́ nìyí, bí mo ṣe bá wọn:

```
1. Methotraxate (MTX) 7,5mg OW, Mọ́n.
2. Folinic acid 5.0mg OW, kì í ṣe ọjọ́ kan náà.
3. Ẹ lo MTX ní ọjọ́ mẹ́jọ mẹ́jọ.
4. Paracetmol 1gm PRN, kó má ju QDS lọ.
```

Ìlà kejì nìkan ni mo ti fẹ́ fi sílẹ̀, nítorí pé n kò rí àṣìkọ kankan nínú orúkọ oògùn ibẹ̀, ẹ̀rọ kọ̀ǹpútà mi náà kò sì fa ìlà pupa sábẹ́ rẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, nínú àwọn yòókù, èwo ni mo lè yí fúnra mi, èwo ni ó yẹ kí n dá padà fún wọn?

Nọ́ọ̀sì Ìjerò

Ẹ kú iṣẹ́ o. Ó ti pẹ́ tí mo ti wà ní wọ́ọ̀dù, n kò sì rí ohun tí ó le nínú èyí. `OW` ni ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀. `PRN` ni «bí ìrora bá wà». `QDS` ni «ní wákàtí mẹ́fà mẹ́fà». `MTX` ní tirẹ̀, gbogbo wa ni a mọ̀ ọ́n, ẹ kàn lè fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ẹ kọ wọ́n báyìí, kí ẹ sì dá ìwé náà padà kí àwọn aláìsàn lè tètè rí i lò.

Ìyá Apòògùn Ìkọ̀lé

Olóòtú, ìlà tí ẹ fẹ́ fi sílẹ̀ yẹn gan-an ni kí ẹ kọ́kọ́ dúró sí. `Folinic acid` kì í ṣe `folic acid`. Oògùn méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n, àwọn méjèèjì sì máa ń bá mẹtotirẹ́séètì rìn, ìdí nìyí tí àṣìṣe náà kì í fi í hàn sójú. Fólíìkì ni a sábà máa ń fún ẹni tí ó ń lo mẹtotirẹ́séètì díẹ̀ nítorí làkúrègbé, kí ẹnu rẹ̀ má baà bó, kí èébì má sì máa gbé e. Fólíníìkì ní tirẹ̀ ni a máa ń fà yọ nígbà tí mẹtotirẹ́séètì bá ti pọ̀ jù lára ènìyàn, tàbí lẹ́yìn ìwọ̀n ńlá tí a fi ń wo jẹjẹrẹ. Lẹ́tà méjì péré ni ó ya orúkọ wọn sọ́tọ̀, àwọn méjèèjì sì ni a kọ dáadáa, nítorí náà kò sí ẹ̀rọ tí yóò fa ìlà pupa sábẹ́ èyíkéyìí nínú wọn.

Bí ẹ bá bi mí, n ó sọ pé fólíìkì ni ẹni tí ó kọ ìwé náà ní lọ́kàn, nítorí pé hóró rẹ̀ tí ó jẹ́ 5 `mg` wọ́pọ̀ ní ilé oògùn wa, bẹ́ẹ̀ ni hóró fólíníìkì tí mo mọ̀ jẹ́ 15 `mg`. Ṣùgbọ́n ìfura lásán ni ìyẹn, èmi tí mo wà ní Ìkọ̀lé kò sì lè fi ìfura yí oògùn padà fún aláìsàn tí n kò rí rí. Ẹ kọ ọ́ bí ìbéèrè sí apòògùn tí ó ni ìwé náà, kí ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ dáhùn.

Ìlànà tí èmi ń lò kò ṣòro. Bí àṣìkọ bá bí ọ̀rọ̀ tí kò sí láyé, bí `Methotraxate` àti `Paracetmol`, tí ó sì jẹ́ pé oògùn kan ṣoṣo ni ó lè jẹ́, olóòtú lè tún un ṣe, kí ó sì fi àmì síbẹ̀ kí wọ́n lè rí i. Bí ohun tí ó wà lójú ìwé bá jẹ́ orúkọ oògùn gidi, kódà bí ó bá dà bí ẹni pé kò bá ibẹ̀ mu, ìbéèrè ni, kì í ṣe àtúnṣe. Nínú ìtọ́jú làkúrègbé yìí kan náà, ẹ ó bá `prednisone` àti `prednisolone` pàdé, ẹ sì lè bá `penicillamine` pàdé, èyí tí ẹni tí kò mọ̀ ọ́n yóò yára sọ di `penicillin`.

Ní ti nọ́ńbà, àmì ìdákẹ́ díẹ̀ tí ó wà nínú `7,5` máa ń parẹ́ bí wọ́n bá ti fi ẹ̀rọ ṣe ẹ̀dà ìwé náà lẹ́ẹ̀mejì, yóò sì di 75. Ẹ lo àmì tí ó wà lára páálí oògùn, ìyẹn `7.5 mg`, kí ẹ sì fi àyè díẹ̀ sí àárín nọ́ńbà àti ìwọ̀n. `5.0` yẹn ni kí ẹ kọ ní `5`, nítorí pé bí kókó náà bá pòórá, 50 ni yóò kù. Ó ti wà nínú àwọn ohun tí àjọ tí ń fọwọ́ sí ilé ìwòsàn ní Amẹ́ríkà fi òfin dè láti nǹkan bí ọdún 2004, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n sì fi òfin de kíkọ `.5` láìsí òdo níwájú. Àtúnṣe méjèèjì yìí kò yí ìtumọ̀ padà, ẹ lè ṣe wọ́n láìbéèrè.

Ní ti `gm`, `g` ni àmì rẹ̀, ẹ má sì jẹ́ kí lẹ́tà méjì náà dúró, nítorí pé ojú tí ó bá ń yára lè kà á sí `mg`.

Àbúrò mi nọ́ọ̀sì, ẹ má bínú sí mi. `MTX` tí gbogbo wa mọ̀ yẹn, àwọn kan ti kà á sí `mitoxantrone` rí, oògùn jẹjẹrẹ sì ni ìyẹn. Àní bí kò tilẹ̀ rí bẹ́ẹ̀, aláìsàn kì í ṣe ara «gbogbo wa». `QDS` náà, ẹ̀ẹ̀mẹrin lójúmọ́ ni ó sọ, kò sọ «ní wákàtí mẹ́fà mẹ́fà».

Ọmọ Ẹ̀fọ̀n

Ẹ ṣeun, ẹ̀yin àgbà. Oògùn yìí ni wọ́n fún ìyá mi, hóró mẹ́ta ní ọ̀sẹ̀ kan. Lánàá ni wọ́n ní orí ń fọ́ àwọn, ẹnu sì ti ń ta wọ́n. Ṣé kí n dín in kù sí méjì?

Ìyá Apòògùn Ìkọ̀lé

Ọmọ mi, ọ̀rọ̀ bí a ṣe ń kọ ìwé ni a ń sọ níhìn-ín, a kì í sì pín oògùn fún ẹni tí a kò rí. Ẹ má dín in kù, ẹ má sì fi kún un fúnra yín. Ẹ mú ìyá lọ sí ilé ìwòsàn lónìí, kí ẹ sì kó gbogbo oògùn wọn dání, nítorí pé ẹnu tí ń ta ènìyàn tí ó ń lo mẹtotirẹ́séètì jẹ́ ohun tí dókítà gbọ́dọ̀ gbọ́ ní kíákíá. Ìbéèrè kan péré ni mo ní: ṣé lójoojúmọ́ ni ìyá ń lo hóró mẹ́ta náà, àbí ní ọjọ́ kan ṣoṣo lọ́sẹ̀?

Ọmọ Ẹ̀fọ̀n

Ọjọ́ kan ni, Àìkú-Àìkú. Ṣùgbọ́n wọ́n ní hóró aláwọ̀ ìyeyè méjì ni wọ́n ń lò, àwọn kò sì mọ èwo ni èwo mọ́ nígbà tí àwọn bá ti yọ wọ́n kúrò nínú páálí. À ń lọ báyìí.

Olùkọ́ Ọ̀yẹ́

Ọ̀rọ̀ mi wà lórí ìlà kẹta, nítorí pé ìṣirò Yorùbá ni ó wà níbẹ̀, kì í ṣe ti oògùn. «Ọjọ́ mẹ́jọ mẹ́jọ» kì í ṣe àṣìṣe lójú àgbàlagbà. A máa ń ka ọjọ́ tí a bẹ̀rẹ̀ mọ́ ọn. Ọjọ́ Ajé dé ọjọ́ Ajé jẹ́ ọjọ́ mẹ́jọ nínú ìṣirò wa, gẹ́gẹ́ bí ọjà tí a ń pè ní ọlọ́jọ́ márùn-ún ṣe máa ń padà bọ̀ lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́rin, gẹ́gẹ́ bí «ìjẹta» sì ṣe jẹ́ ọjọ́ tí ó ṣáájú àná, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹ̀ta ni ó wà nínú orúkọ rẹ̀. Ẹni tí ó kọ ìlà náà mọ Yorùbá dáadáa. Ìṣòro ibẹ̀ ni pé ọmọ-ọmọ tí yóò ka ìwé náà fún ìyá àgbà yóò ka ọjọ́ mẹ́jọ lórí fóònù, ọjọ́ oògùn yóò sì máa sún síwájú ní ọjọ́ kọ̀ọ̀kan lọ́sẹ̀ kọ̀ọ̀kan, tàbí kí àwọn méjèèjì máa jà lórí ọjọ́ tí ó tọ́.

«Lọ́sẹ̀» náà kò bọ́ lọ́wọ́ èyí pátápátá. Ọ̀sẹ̀ àtijọ́ ni ọlọ́jọ́ mẹ́rin, ọ̀sẹ̀ ti òde òní ni ọlọ́jọ́ méje, ó sì ṣì kù nílẹ̀ wa níhìn-ín ẹni tí ó ń fi ọjà ka ọ̀sẹ̀. Mo dábàá pé kí ẹ kọ ọ́ pé: «lẹ́ẹ̀kan péré ní ọjọ́ méje», kí ẹ sì dárúkọ ọjọ́ náà ní kíkún.

Ohun kejì ni pé ìwé Yorùbá ni ẹ ń ṣe. Kí ló dé tí ẹ kò kọ «mẹtotirẹ́séètì», tí ẹ fi ń kọ lẹ́tà `x` tí kò sí nínú álífábẹ́ẹ̀tì wa? Ẹ kọ gbogbo orúkọ oògùn ní àkọtọ́ Yorùbá, kí ó sì tán síbẹ̀.

Ìyá Apòògùn Ìkọ̀lé

Lórí ọjọ́, ẹ kò jìnnà rárá, olùkọ́, ẹ ṣeun. Lórí `Mọ́n`, n ó fi èyí kún un: ní ilẹ̀ òyìnbó wọ́n máa ń kìlọ̀ pé kí a má ṣe yan Mọ́ńdè fún mẹtotirẹ́séètì, nítorí pé ìgékúrú rẹ̀ jọ ti àárọ̀ ní èdè wọn, ẹni tí ó bá kà á sí àárọ̀ yóò sì máa lo oògùn ọ̀sẹ̀ lójoojúmọ́. Nínú Yorùbá, Ajé kò jọ àárọ̀, nítorí náà ìbẹ̀rù yẹn kò tẹ̀ lé wa dé ìhín bí a bá kọ orúkọ náà tán. Olóòtú lè tú `Mọ́n` sí «ọjọ́ Ajé», ṣùgbọ́n kò lè yí i sí ọjọ́ Ẹtì.

Lórí àkọtọ́, n kò gbà. Aláìsàn yóò mú ìwé náà dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ páálí, yóò sì máa fi lẹ́tà wé lẹ́tà. Bí ohun tí ó wà lórí páálí bá jẹ́ `methotrexate`, ohun tí ó gbọ́dọ̀ wà nínú ìwé nìyẹn. Ẹ ti gbọ́ ọ̀rọ̀ ìyá Ẹ̀fọ̀n: hóró méjì aláwọ̀ ìyeyè, orúkọ ni ó kù tí wọ́n lè fi mọ̀ wọ́n yàtọ̀. Bí a bá tẹ orúkọ náà ní Yorùbá, a ti gba ohun yẹn kúrò lọ́wọ́ wọn.

Olùkọ́ Ọ̀yẹ́

Ìyá mi, aláìsàn tí kò lè pe orúkọ oògùn rẹ̀ kò lè sọ ọ́ fún dókítà mìíràn. Ẹ jẹ́ kí a kọ méjèèjì, kí Yorùbá wà níwájú.

Nọ́ọ̀sì Ìjerò

Mo gbà lórí `MTX`. Ṣùgbọ́n n kò tíì gbà lórí `QDS`. Mẹ́rin lójúmọ́, wákàtí mẹ́rìnlélógún, mẹ́fà mẹ́fà ni yóò jẹ́. Kí ni ìyàtọ̀ ibẹ̀?

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti ara mi pẹ̀lú, kí ẹ má baà rò pé ìgékúrú kò tíì dùn mí rí. Níbì kan tí mo ti ṣiṣẹ́, wọ́n kọ `OD` sí ìwé oògùn ojú kan, ẹ̀ẹ̀kan lójúmọ́ sì ni dókítà ní lọ́kàn. Ojú ọ̀tún ni ẹni tí ó gba iṣẹ́ lọ́wọ́ mi kà á sí, nítorí pé bẹ́ẹ̀ ni àwọn oníṣẹ́ ojú ń kọ ọ́, ojú òsì sì wà láìgba oògùn títí ilẹ̀ fi mọ́. Láti ìgbà yẹn ni mo ti ń kọ `OD` tán.

Ìyá Apòògùn Ìkọ̀lé

Ìyàtọ̀ ibẹ̀ ni pé àṣẹ ni ọ̀kan, ààlà ni èkejì. Ìlà kẹrin sọ pé kí wọ́n lo parasitamọ́ọ̀lù bí ó bá pọn dandan, kí ó má sì ju ẹ̀ẹ̀mẹrin lọ. Ẹni tí ara rẹ̀ balẹ̀ kò ní lò ó rárá, ìlà náà sì gbà á láàyè. Ẹ wá kọ ọ́ pé «ní wákàtí mẹ́fà mẹ́fà», aláìsàn tí ó bá gbọ́ràn yóò jí láàárín òru láti gbé 1 `g` mì nígbà tí kò sí ohun tí ó ń ṣe é. Bákan náà ni ó gba ẹ̀tọ́ lọ́wọ́ ẹni tí ìrora mú lẹ́yìn wákàtí mẹ́rin, nígbà tí ó jẹ́ pé wákàtí mẹ́rin ni àlàfo tí ó kéré jù tí a máa ń fi sáàárín lílò méjì fún àgbàlagbà, níwọ̀n ìgbà tí gbogbo rẹ̀ kò bá ti ju 4 `g` lọ ní wákàtí 24.

`PRN` náà kò dárúkọ ìrora. «Nígbà tí ó bá pọn dandan» ni ó sọ. Bóyá ìrora nìkan ni wọ́n ní lọ́kàn, bóyá ibà náà wà níbẹ̀. Mo tilẹ̀ rò pé fún ẹni tí ó ń lo mẹtotirẹ́séètì, wọ́n lè má fẹ́ kí ó máa fi parasitamọ́ọ̀lù bo ibà mọ́lẹ̀ láìlọ rí dókítà. Ẹni tí ó bá kọ «ìrora» síbẹ̀ ti sọ ìdí tí ìwé náà kò sọ. Ó lè tọ́, ṣùgbọ́n ẹni tí ó ni ìtọ́jú ni kí ó sọ ọ́.

Atẹ̀wé Ìkẹ́rẹ́

Ohun méjì láti ọ̀dọ̀ ẹni tí ń tẹ ìwé. Èkíní, ẹ má ṣe jẹ́ kí kọ̀ǹpútà pààrọ̀ gbogbo `OW` lẹ́ẹ̀kan náà láìyẹ̀ wọ́n wò. Mo ṣe bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́ kan pẹ̀lú ìwé tí wọ́n kọ láìfi àmì sí, kọ̀ǹpútà kò sì wo bóyá lẹ́tà ńlá ni tàbí kékeré; gbogbo «owo» di «lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀o», «owuro» náà sì di ohun tí n kò lè fẹnu sọ. Bí ẹ bá fẹ́ pààrọ̀ `OD`, «odun» ń dúró dè yín níbẹ̀. Ẹ wá ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí ẹ sì kà á kí ẹ tó tẹ bọ́tìnnì.

Èkejì kò sí nínú ìlà mẹ́rin yín, ṣùgbọ́n bí ìwé náà bá ní oògùn tí ìwọ̀n rẹ̀ jẹ́ máíkírógíráàmù, ẹ má ṣe fi àmì `µ` síbẹ̀. Nínú fọ́ǹtì tí wọ́n ń pè ní Symbol, lẹ́tà `m` ni wọ́n máa ń tẹ̀ láti fi gbé àmì náà jáde. Bí fọ́ǹtì náà bá ti sọnù nígbà tí ẹ gbé ìwé wá sọ́dọ̀ mi, `m` náà ni yóò fojú hàn, `µg` á sì di `mg`, ìlọ́po ẹgbẹ̀rún. Kò sí ẹni tí ó fọwọ́ kan nǹkan kan, bẹ́ẹ̀ ni oògùn ti yí padà. Ẹ kọ «máíkírógíráàmù» tán.

Ẹ sì bá mi so `7.5` mọ́ `mg` pẹ̀lú àyè tí kì í jẹ́ kí ìlà já láàárín wọn. Mo ti rí `7.5` ní ìparí ìlà kan tí ìwọ̀n rẹ̀ sì bọ́ sí ojú ewé kejì.

Olóòtú Adó

Ẹ kú àdúrótì, ìdáhùn dé lánàá. Mo fi ìwé méjì ránṣẹ́ sí apòògùn náà. Nínú ọ̀kan ni mo to àwọn àtúnṣe tí mo ti ṣe sí, tí ohun tí ó wà tẹ́lẹ̀ àti ohun tí mo fi rọ́pò rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Nínú èkejì ni ìbéèrè wà, láìsí àtúnṣe kankan. Mo bi í lórí `Folinic`, lórí `OW`, nítorí pé n kò fẹ́ fi ìmọ̀ wa níbí gbè é, lórí ọjọ́ mẹ́jọ, àti lórí ìdí tí wọ́n fi ń lo parasitamọ́ọ̀lù.

Ó dáhùn pé fólíìkì ni, pé láti inú ìwé mìíràn tí wọ́n kọ fún wọ́ọ̀dù jẹjẹrẹ ni àwọn ti da ìlà náà kọ. Ó ní ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀ ni `OW`, pé ọjọ́ Ajé dé ọjọ́ Ajé sì ni àwọn ń pè ní ọjọ́ mẹ́jọ. Ó fọwọ́ sí àwọn mẹ́ta náà. Mo béèrè bóyá ó fẹ́ sọ iye hóró, ó sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ ọ́ pé hóró mẹ́ta tí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ 2.5 `mg`, nítorí pé hóró 10 `mg` wà pẹ̀lú. Òun náà ni ó fi «kì í ṣe ojoojúmọ́» kún un. Bí ó ṣe rí báyìí nìyí:

```
1. methotrexate: hóró 2.5 mg mẹ́ta (7.5 mg),
   lẹ́ẹ̀kan péré ní ọjọ́ méje, ní ọjọ́ Ajé.
   Kì í ṣe ojoojúmọ́.
2. folic acid 5 mg: lẹ́ẹ̀kan péré ní ọjọ́ méje,
   kì í ṣe ọjọ́ tí ẹ lo methotrexate.
3. [a ti da ìlà yìí pọ̀ mọ́ ìkíní]
4. paracetamol 1 g: nígbà tí ó bá pọn dandan,
   kó má ju ẹ̀ẹ̀mẹrin lọ ní wákàtí 24.
```

Ìyá Apòògùn Ìkọ̀lé

Ó dára. Ṣùgbọ́n ìlà kejì kò tíì tán lójú mi. `7.5` ti ní ọjọ́ tirẹ̀, fólíìkì kò ní. «Kì í ṣe ọjọ́ náà» fi ọjọ́ mẹ́fà sílẹ̀ fún aláìsàn láti yàn nínú wọn, ẹni tí ó bá sì yan Ìṣẹ́gun lọ́sẹ̀ yìí lè yan Ọjọ́bọ̀ lọ́sẹ̀ tí ń bọ̀. Ẹ tún bi í pé ṣé ó fẹ́ dárúkọ ọjọ́ kan. Bí ó bá ní rárá, ẹ fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Olùkọ́ Ọ̀yẹ́

Mo rí i pé `methotrexate` nìkan ni ó wà níbẹ̀. N kò tíì gbà o.

Olóòtú Adó

Mo ti fi ọ̀rọ̀ fólíìkì ránṣẹ́, ìyá. Ní ti orúkọ, olùkọ́, apòògùn náà ní òun yóò gbé ẹ̀dà méjì fún àwọn aláìsàn díẹ̀ kà lọ́jọ́ tí wọ́n bá wá gba oògùn, ọ̀kan tí Yorùbá tẹ̀ lé orúkọ páálí nínú rẹ̀ àti ọ̀kan tí kò ní, kí wọ́n sì nawọ́ sí páálí tí ìwé náà ń sọ. Lórí «nígbà tí ó bá pọn dandan», dókítà kò tíì dáhùn. Mo fi àmì ìbéèrè sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, n kò sì ní gbé ìwé náà lọ fún atẹ̀wé títí àmì náà yóò fi kúrò.

Ọmọ Ẹ̀fọ̀n

Ẹ kú iṣẹ́, gbogbo yín. Wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ ìyá fún àyẹ̀wò, wọ́n sì ní kí wọ́n dá mẹtotirẹ́séètì dúró ná títí èsì yóò fi jáde. Apòògùn ibẹ̀ fi bírò kọ «Àìkú nìkan» gàdàgbà sí orí páálí kan, kò sì kọ nǹkan kan sí èkejì.